Ìyàwó Mi ní Sítọ́ọ̀, Èmi Nídìí Ìwé Owó

Àwọn ọmọ wa ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa ìyá wọn sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa ìgbéyàwó wa àti nípa bí a ṣe bí wọn, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbé bírò, sítọ́ọ̀ ni mo ń rí: ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ́ńsù wà nínú irun rẹ̀, ó ń ka àpò tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa kí i títí yóò fi kà á tán.

Èrúwà ni. Ilé-iṣẹ́ kan ni a ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń lọ àgbàdo àti pákí gbígbẹ di oúnjẹ adìẹ. Olú-ilé-iṣẹ́ wà ní Ìbàdàn. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àwọn àgbàlagbà tó ń kó àgbàdo wá láti Ìgàngàn ṣì ń fi pọ́n-ùn àti ṣílè dá iye lé ọjà wọn, a ó wá máa bá wọn ṣírò rẹ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi dé ibẹ̀. Ọmọ Igbó-Ọrà ni òun, láti ilé àgbẹ̀ tó ti ń kírun tipẹ́tipẹ́. Ibi iṣẹ́ yẹn la ti pàdé, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ sítọ́ọ̀ tó fẹ́ràn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mi.

Ètò ìnáwó ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó nílò nǹkan ló máa kọ̀wé béèrè rẹ̀, ọ̀gá ẹ̀rọ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Máníjà á fọwọ́ sí i kí a tó rà á. Tí ọjà bá dé, sítọ́ọ̀ ló máa gbà á, á kà á, á kọ iye tó rí gan-an sílẹ̀, á sì fọwọ́ sí i. Tí ìwé owó ọlọ́jà bá wá dé, èmi ni mo máa ń to ìwé mẹ́ta síwájú: ohun tí a ní kó mú wá, ohun tí sítọ́ọ̀ gbà, àti ohun tí ó ní kí a san. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, màá lu òǹtẹ̀ sí i, máníjà á fọwọ́ sí i, kàṣíà á sanwó. Ẹni tó gba ọjà kò gbọdọ̀ yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ fàṣẹ sí i, ẹni tó fàṣẹ sí i kò gbọdọ̀ sanwó. Máníjà pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Igba náírà ni. Ohun tó bá ti ju igba náírà lọ, Ìbàdàn ló máa fàṣẹ sí i kí a tó rà á, àwọn náà ló sì máa fàṣẹ sí i kí a tó san án.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ bàbá mi fọwọ́ sí ìwé. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn rò pé bí ó ṣe yẹ nìyẹn, inú mi sì dùn sí i. Àwọn ìwé owó kéékèèké ń kọjá lọ. Gbogbo ará ọ́fíìsì ló jẹun níbi ìgbéyàwó wa, ta ló máa wo orúkọ méjì tó jọra kó bi wá ní nǹkan kan?

Ìyẹn rí bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí a gbé iṣẹ́ fún káfíńtà. Òjò ti ń bọ̀, ọ̀rinrin ilẹ̀ sì ń ba àpò ìsàlẹ̀ jẹ́, a wá ní kó kan àwọn pẹpẹ onígi tí a lè to àpò lé. Owó rẹ̀ ju igba náírà lọ, nítorí náà Ìbàdàn ti fọwọ́ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyàwó mi gbà á wọlé, ó dá méjì tó sán padà, káfíńtà pààrọ̀ wọn. Mo to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n bára mu, mo lu òǹtẹ̀, ìwé bá lọ́rì ilé-iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn.

Ó padà wá láìsí àṣẹ. Wọ́n fi yíǹkì pupa béèrè lára rẹ̀ bóyá ẹnì kan náà ló gba ọjà tó tún yẹ ìwé owó rẹ̀ wò.

Máníjà wa rẹ́rìn-ín títí. Ènìyàn dáadáa ni, kì í fura sí ẹnikẹ́ni. Ó kọ̀wé padà kíákíá pé rárá o, ènìyàn méjì ni, tọkọtìyàwó ni wọ́n, àti pé ìgbéyàwó náà dùn gan-an. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Èsì tó padà wá ni pé ọ̀dítọ̀ ń bọ̀, àti pé ìwé owó tí ọwọ́ àwa méjèèjì bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má san án.

Káfíńtà kò fẹ́ gbọ́ èyí. Ó wá, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú pẹpẹ tó kàn.

Ó ní, "Ìyàwó gba pákó mi, ọkọ lu òǹtẹ̀ sí i. Ilé kan náà ni mo kan pákó fún! Kí ló tún kù tí ẹ̀ ń wá ní Ìbàdàn?"

Mo ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n ń wí gan-an nìyẹn."

"Ẹ pín in sí méjì nígbà náà. Ẹ kọ ìdajì lónìí, ẹ kọ ìdajì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Máníjà yín á fọwọ́ sí i níbí, owó mi á jáde."

Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ kó o wá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbà á. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ìdajì rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà?"

"Ìwọ ọmọ Igbó-Ọrà yìí, o le o. Ọkọ rẹ ń jẹyán ṣá?"

"Ó ń jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ máa rí owó yín."

Máníjà náà mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá. Ó pe ìyàwó mi, ó ní kó padà sí orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé, kí Ìbàdàn lè sinmi.

Ó dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà la ó ṣì ti máa jẹun. Bí èmi bá jẹ́ Ìbàdàn, èmi náà á béèrè."

A jọ rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Èmi ni wọ́n máa yọ."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ rò pé wọ́n máa yọ yín ni? Wọ́n á ní kí n lọ máa tẹ táípì. Mi ò mọ táípì tẹ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀dítọ̀ náà wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn wá. Ó lọ sí sítọ́ọ̀, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka àwọn pẹpẹ náà, ó fi wé ohun tí ìyàwó mi kọ. Ó pé. Ó ní òun á mú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ kí akọ̀wé mìíràn ní Ìbàdàn tún un yẹ̀ wò, kí àwọn tó fàṣẹ sí i. Lẹ́yìn náà ló pe àwa méjèèjì síwájú máníjà.

Ó ní, "Ọ̀kan nínú yín ní láti kúrò lójú ọ̀nà ìwé owó yìí. Àyè wà fún Mísìsì níbi tí wọ́n ti ń tẹ táípì. Ohun tí a sábà máa ń ṣe nìyẹn."

Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀. Ó ti fa pẹ́ńsù yọ kúrò nínú irun rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ sí ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ní Igbó-Ọrà, sà. Wọ́n nílò ẹni tó máa kọ ìwé ọjà títà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń gba owó. Kò kan sítọ́ọ̀ ibí."

Ọ̀dítọ̀ wò mí. "Ìwọ ló kàn láti di igbákejì akáńtà níbí. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Mo rò pé ìyàwó mi á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a délé, ńṣe ló gbé oúnjẹ kalẹ̀ bí ẹni tó ń ju igi.

"Ta ni ẹ bi kí ẹ tó sọ ọ́?"

"Kò sí àyè láti béèrè."

"Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín! Ẹ̀yin nìkan lẹ dá a rò, ẹ̀yin nìkan lẹ fàṣẹ sí i. Irú ìwé owó wo nìyẹn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sunkún díẹ̀, ó wá bu ẹran tirẹ̀ sínú àwo mi. A kò tún sọ̀rọ̀ ipò igbákejì akáńtà mọ́ láàárín wa. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi síbẹ̀.

Káfíńtà rí owó rẹ̀ gbà. Èmi sì ń gun alùpùpù lọ sí Igbó-Ọrà láràárọ̀. Àwọn àna mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Wọ́n ní àwọn fi ọmọ fọ́kọ ní Èrúwà, ọkọ tún tọ àwọn wá sílé, ṣé kí àwọn wá yàrá fún mi ni?

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo dé láti Igbó-Ọrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, inú ń bí i, inú rẹ̀ sì tún ń dùn. Akọ̀wé tuntun tó gba iṣẹ́ mi ti dá ìwé rẹ̀ padà. Àpò kan ló ya, ọlọ́jà ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìwé owó, ṣùgbọ́n ìyàwó mi gbà á wọlé, kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ya.

"Ọmọ yẹn gbé e tọ̀ mí wá, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wò ó dáadáa.' Èmi! Ó sì tọ̀nà."

Mo ní, "Ó mọ iṣẹ́ nìyẹn."

Ó ní, "Ẹ̀yin ò dá ìwé mi padà rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra."

"Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo ní mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òtítọ́ ni, mo sì lè búra. Ṣùgbọ́n bó ṣe béèrè ọ̀rọ̀ náà, tó dúró, tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí mo ṣe máa ń gbé ìwé rẹ̀ tí mo bá rí ìkọ̀wé rẹ̀, àti bóyá ojú tí mo fi ń wò ó jẹ́ ojú tí mo fi ń wo ìwé àwọn yòókù.

Mo ní, "Kí a tó fẹ́ra, mo dá méjì padà."

Ó ní, "Kí a tó fẹ́ra, ẹ̀ ń wá ohun tí ẹ máa rí sọ ní sítọ́ọ̀." Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ṣáájú mi wọlé.

Sítọ́ọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi di ọ̀gá rẹ̀, títí tó fi fẹ̀yìn tì.