Omi Tí Wọ́n Ní Kí N Sá Fún

Aránṣọ ni mí ní Ṣàkẹ́tẹ́, aṣọ funfun ìjọ wa ni mo sì ń rán jù. Ẹni tó bá ń fi ojoojúmọ́ bá aṣọ funfun ṣiṣẹ́ á mọ̀ pé kì í bá ni bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi tètè ń bà mí nígbà náà. Mo ti pẹ́ díẹ̀ nílé ọkọ láìlóyún, àwọn aládùúgbò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Mo fẹ́ bímọ. Ó ń dùn mí débi pé mi ò kì í lè rán aṣọ ìsọmọlórúkọ láìsunkún.

Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ bá aríran ìjọ wa, obìnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ọ̀sán gangan ni. Iyanrìn ọgbà ìjọ ń jó wa lẹ́sẹ̀, nítorí a kì í wọ bàtà sí aṣọ funfun. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tan àbẹ́là, ó dijú, ó sì ní:

"Mo rí omi kan lára rẹ. Ó mọ́ gaara, ó ń yọ̀, ó ń fà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Á wá, á lọ, á tún padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ara mi bù máṣọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ọkọ mi gan-an kò mọ̀. Òótọ́ sì ni. Bí nǹkan oṣù mi bá tán, ara mi á gbẹ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun funfun kan á máa jáde bí ìpara. Nígbà tó bá yá, omi náà á dé, á mọ́ gaara, á sì máa fà láàárín ìka méjì bí funfun ẹyin tútù. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn mi á máa ta mí fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti lọ, èyí tó kù á ki, á sì dín kù títí nǹkan oṣù á fi padà dé.

"Ọkọ inú omi ni," aríran wí. "Ìgbà tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ ni omi yẹn ń jáde. Má jẹ̀ẹ́ kó bá ọ nílé ọkọ rẹ."

Àṣẹ tó pa kò le: bí mo bá ti rí omi náà, kí n ká ẹní mi lọ sí ọgbà ìjọ, kí n sì wà níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Kí n máa fi omi tí wọ́n po ọṣẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti lọ́fínńdà sí fọ inú ojú ara mi. Mo ṣe é. Ta ni mo jẹ́ tí mi ò ní í ṣe é?

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé àdúrà tí wọ́n ń fún mi. Ojúmọmọ ibẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Àwọn aṣọ funfun á dúró lórí okùn láìmì, bí èèyàn tó ń dẹtí sílẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Bí mo bá yọjú, ipasẹ̀ tèmi nìkan ni mo máa ń rí. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára pé omi náà ń jáde, á máa ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí etí ẹní mi. Mi ò jẹ́ wẹ̀yìn wò. Mo máa ń fún ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀, màá sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ.

Ó ṣe, òórùn dé. Òórùn ẹja ni. Ohun tó ń jáde ṣàn, ó dà bí omi eérú, kò fà mọ́, kò sì lọ mọ́. Kò yún mi, ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi tán, òórùn náà á le sí i, òun á sì kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo sọ fún aríran, ó mi orí, ó ní, "Ṣé o rí i? Ibi tó ti wá ló ń rùn. Ó ń jowú." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹja kò kúkú ń gbé orí igi. Wọ́n fi kún ìfọ̀ mi. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ó ń rùn tó. Ó wá di pé mi ò lè wo inú omi tó wà nínú bàsíà mọ́, kí n má baà rí ojú ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ọjọ́ kan, mo ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà ní Pọ́bẹ̀. Ọyẹ́ bo ọ̀nà débi pé a kò rí igi. Obìnrin tó jókòó tì mí nínú takisí fi ìborùn bo imú, ó sì yọ orí síta sínú òtútù. Inú bí mi, ojú sì tì mí. Nígbà tí a dé gáréèjì, mi ò lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kankan. Mo gbé ẹrù aṣọ funfun mi tààrà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí.

Agbẹ̀bí tó dá mi lóhùn ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ìgànná, níbi tí wọ́n ti bí mi, ara sì tù mí. Ó yẹ̀ mí wò, ó fi òwú gba díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó sì padà wá.

"Kí lo fi ń fọ inú ojú ara rẹ, màdáàmù?"

Mo sọ fún un. Ó pòṣé.

"Ojú ara ń tọ́jú inú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìta nìkan ni kí o máa fi omi fọ̀. O ti fọ àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ilé dànù, ni àrùn bá wọlé. Oògùn wà, lò ó tán. Àrùn ni èyí tó ń rùn bí ẹja yìí. Bó bá ki bí wàrà dídì, tó ń yún, tó ń ta ọ́, wá. Bó bá di aláwọ̀ ewé, tó ń hó, wá. Bí ìsàlẹ̀ inú bá ń dùn ọ́ gidi pẹ̀lú ibà, má dúró dọ̀la."

"Omi tó ń fà ńkọ́, tó máa ń wá lóṣooṣù?"

"Ìyẹn ò rùn, kò yún ọ, àbí? Kì í ṣe àrùn. Gbogbo obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù ló ń rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹlòmíràn ò pọ̀."

Gbogbo obìnrin! Ìran tó jí ọkàn mi gbé, ẹnikẹ́ni ló lè rí i sí ẹnikẹ́ni.

"Ìgbà tí ẹyin bá fẹ́ jáde nínú rẹ ni," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹnu ilé ọmọ ló ń da omi yẹn jáde, kí àtọ̀ ọkùnrin lè rọ́nà wọlé. Ọjọ́ ọmọ nìyẹn. Níbo lo máa ń wà nígbà náà?"

"Ọgbà ìjọ."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ilé."

Agbẹ̀bí náà ń wò mí, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo lo oògùn náà tán, òórùn sì lọ. Nígbà tí omi náà tún dé, ìyá ọkọ mi ti ká ẹní mi dè mí. Mo ní mi ò lọ mọ́, mo sì sọ ohun tí agbẹ̀bí sọ. Mo ti múra ìjà. Ṣùgbọ́n ó jókòó.

"Ọjọ́ tó ń yọ̀ yẹn gan-an?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."

"Èmi náà sùn níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí mi ò lọ nítorí ẹsẹ̀ mi tó wú ni mo lóyún ọkọ rẹ."

Ọkọ mi nìkan ló bí.

Ọmọ tèmi ti ń rìn báyìí. Ìyá ọkọ mi ló máa ń pè é wọlé bí oòrùn bá ń rẹlẹ̀. Bó bá sì ti wọlé tán, ìyá kì í ti ilẹ̀kùn kíá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àgbàlá, bí ẹni pé ó ṣì ku àwọn ọmọ kan níta.