Ìlà Kejì Nínú Ìròyìn Orúnkún

Kò tíì sí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ní ilé ìwòsàn wa ní Iléṣà nígbà náà. Fíìmù rẹ̀ tí a bá rí, láti òkè òkun ló ti wá. Nígbà tí ọmọbìnrin kan láti Ìmẹ̀sí-Ilé wá gbé fíìmù orúnkún rẹ̀ dé, èyí tí wọ́n yà fún un ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó lọ kí àǹtí rẹ̀, inú àwa dókítà tí à ń kọ́ bí a ṣe ń ka fíìmù dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú wa dùn.

Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, àwa gbé fíìmù rẹ̀ kọ́ sára àpótí iná nínú yàrá. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ìròyìn rẹ̀, irú èyí tí a ó fi máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí n má fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Lábẹ́ àkọlé "Ohun tí a rí", mo kọ ọ́ pé omi wà nínú oríkèé; pé tìmùtìmù tó wà láàárín egungun itan àti ojúgun ti ya lẹ́yìn, níhà inú. Mo kọ ọ́ pé mùdùnmúdùn ìsàlẹ̀ egungun itan dúdú nínú irú àwòrán MRI tí à ń pè ní T1, ó sì ń tàn nínú irú kejì, T2. Ẹ̀yìn egungun náà ti fọ́, kókó kan sì ti yọ sínú ẹran.

Lábẹ́ àkọlé "Èrò wa": Ìkíní, tìmùtìmù orúnkún tó ya. Ìkejì, ó jọ jẹjẹrẹ egungun. Kí wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ àti àyà, kí wọ́n sì gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò.

Bí mo ṣe ń gbé e lọ fún ọ̀gá mi, ọmọbìnrin náà dìde.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?"

Mo ka ìlà kìíní fún un.

Ìyá rẹ̀ ní, "Olúwa ṣeun. Ṣé ó máa san?"

"Ó ṣeé tún ṣe, mà."

N kò ka ìkejì. Ẹnu mi kò gbà á.

Ọ̀gá mi ka ìwé náà, ó fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìkejì.

"Èwo ló lè pa á nínú méjèèjì?"

"Ìkejì ni, sà."

"Kí ló wá ń ṣe nísàlẹ̀?"

Ó jáde láti pè wọ́n fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni kankan lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀, wọ́n ti lọ wọkọ̀. A kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àdírẹ́sì kan ṣoṣo tó fún wa, àmọ́ wọ́n ti gba họlidé, lẹ́tà náà kò sì dé ọwọ́ rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e dé. Itan rẹ̀ ti wú, ó ń dán. Nínú fọ́tò àyà rẹ̀, àwọn kókó funfun roboto ti kún ẹ̀dọ̀fóró. Ó dá mi mọ̀.

"Ẹ ní ó ṣeé tún ṣe."

"N kò ka gbogbo rẹ̀ fún ọ."

"Ẹ kà á báyìí."

Mo kà á tán lórí ìdúró. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ń tẹ́ etí aṣọ tó fi bo ọmọ rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó tún ń tẹ́ ẹ.

Ó kú kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ìròyìn náà ṣì wà nínú fáìlì tí a fi ń kọ́ṣẹ́, kò lórúkọ, wọ́n sì máa ń yìn ín pé a kọ ọ́ dáadáa.