Tiyín Náà Á Dé

Ẹ̀rù iṣẹ́ ò tíì bà mí nígbà náà. Ẹ̀rù ìkíni ló ń bà mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìròyìn náà jáde lórí Wáásáàpù: èmi ni wọ́n fi ṣe dìrẹ́tọ̀, ìyẹn ọ̀gá àgbà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni lápá Okpomèta. Kí n tó ka orúkọ ara mi tán, ìkíni ti ń rọ́ wọlé. Ẹ kú oríire, Madámù Dìrẹ́tọ̀. Félísításíọ̀n, bí àwọn kan ṣe ń kíni lédè Faransé. Ọlọ́run á jẹ́ kí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dé. Àwọn tí wọn ò kí mi láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé pàápàá rántí pé mo wà láyé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ò kọ nǹkan kan. Àgbà olùkọ́ wa ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ́tìrì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lédè Faransé. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nínú kíláàsì tó kẹ́yìn. Láti ìgbà tí dìrẹ́tọ̀ wa àtijọ́ ti lọ ló ti ń di àyè náà mú, tọmọdé tàgbà ló sì ti gbà pé òun ni wọ́n máa fi síbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lópin ọdún. Wọ́n wá fo Mẹ́tìrì dá, wọ́n mú èmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Ayọ̀ náà ò sì pẹ́ rárá. Mẹ́tìrì ni àwọn òbí ń gbọ́ tirẹ̀. Tí àgbàdo bá gbó, tí gbogbo ilé bá ń kó ọmọ lọ sóko, òun ló máa ń gun alùpùpù láti abúlé dé abúlé, á bẹ̀bẹ̀, á bú wọn, àwọn ọmọ á sì padà wá sórí bẹ́ǹṣì. Tó bá kọ ẹ̀yìn sí mi, ta ló fẹ́ dá mi lóhùn? Mo rí ilé-ìwé náà lójú inú mi, kíláàsì tó ṣófo, èmi nìkan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ìyá mi ń bó gbágùúdá lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un. Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè.

“Ohun tó o bá fi dáhùn ni wọ́n máa fi mọ irú ẹni tó o jẹ́,” ó ní. “Má sọ pé o ṣiṣẹ́ fún un. Má sì sọ pé kì í ṣe nǹkan kan, torí ẹni tó wá kí ọ á rò pé o ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kí ọ, fi àdúrà rẹ̀ lé e lọ́wọ́ padà, kó o wá panu mọ́.”

“Mẹ́tìrì ńkọ́, Màmá?”

“Ìyẹn, kúnlẹ̀. Sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo jókòó ti fóònù mi. Mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kéèyàn kàn fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣàdúrà fún un, ìgbéraga gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà, mo kọ ọ́ sí wọn pé àdúrà wọn ló gbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọ́ni ní Kétou àti Pobè, mo kọ ọ́ sí wọn pé, “Ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Tiyín náà á dé.” Wọ́n pọ̀. Mo kọ ọ́, mo tún kọ ọ́, títí ìka mi fi ń kọ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tètè dé ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ti tò sídìí àsíá, àwọn olùkọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́tìrì jáde láàárín wọn, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó mọ́ jù lọ, ó rìn wá bá mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

“Madámù Dìrẹ́tọ̀,” ó ní, “ẹ kú oríire.”

Ó fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti fi rúlà gbá ọwọ́ mi rí. Gbogbo ohun tí ìyá mi kọ́ mi fò lọ. Eékún mi ò tẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

“Ẹ ṣeun, Mẹ́tìrì, a dúpẹ́. Tiyín náà á dé.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ fẹ̀yìn tì nìyẹn, ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá lójú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé èmi ni wọ́n gbé e fún. Mẹ́tìrì rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. “Àṣẹ,” ó ní, ó sì wọ kíláàsì rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ yẹn gùn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò mọ ohun tí mo ń kọ́ wọn, etí mi wà lára ògiri tó pààlà èmi àti Mẹ́tìrì. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn kọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bínú, mo ń sọ lọ́kàn mi, jọ̀ọ́, kàn bú mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Nígbà ìsinmi, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì padà.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo rí àwọn bàbá mẹ́ta tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà oko. Olórí àwọn òbí ló ṣíwájú, ó fi àkùkọ kan há abíyá. Èkejì ru iṣu. Èmi àti Mẹ́tìrì wà lábẹ́ igi máńgòrò, a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n lọ tààrà.

“Mẹ́tìrì, ẹ kú oríire o! A gbọ́ pé ilé-ìwé ti ní dìrẹ́tọ̀ tuntun. Ó tọ́ sí yín. Ó ti pẹ́ tó ti tọ́ sí yín!”

Ó na àkùkọ náà sí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Kó kàn mí kanlẹ̀, kó sọ pé àwọn kan ló mọ ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi dé ibẹ̀, ó ti parí fún mi ní gbogbo abúlé tó wà níbẹ̀. Mẹ́tìrì wo àkùkọ. Ó wò mí. Ó wá gba àkùkọ náà lọ́wọ́ wọn tọwọ́ tẹsẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ẹ kú ẹsẹ̀ o,” ó ní. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Oríire dé lóòótọ́, ẹ ò ṣìnà. Ọmọ mi ni wọ́n fi ṣe dìrẹ́tọ̀. Òun rèé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò.” Ó fi àkùkọ náà há abíyá. “Láàárọ̀ yìí ó sọ fún mi pé tèmi náà á dé. Látàárọ̀ ni mo ti ń rò ó, mo ní kí ló tún kù tó fẹ́ dé fún mi. Àṣé ó ti dé. Ẹ bá mi kí i.”

Ó gbé àkùkọ náà lé mi lọ́wọ́.

Ojú ti olórí àwọn òbí. “Ìyá, ẹ kú oríire,” ó ní. Mo kúnlẹ̀ nígbà náà, tàkùkọ tàkùkọ, mo sì wá gbogbo èsì tí mo ti kọ sórí fóònù, mi ò rí ọ̀kan.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá,” mo ní. “Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ bá mi bẹ Mẹ́tìrì kí wọ́n má fi mí sílẹ̀.”

“Dìde,” Mẹ́tìrì ní, “erùpẹ̀ pupa lo kúnlẹ̀ sí yẹn. Àwọn àlejò rẹ ò tíì mu omi.”

Mo lọ bu omi nínú ìkòkò tó wà ní kíláàsì mi. Mo gbé e fún àwọn àlejò mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti Mẹ́tìrì fún un.