Èsì tí Ọ̀gá Mi Fọwọ́ Sí

Lọ́dún tí wọ́n ti bodè, èmi ni akọ̀wé owó nílé-iṣẹ́ kan tó ń ta ìrẹsì ní Ìlaròó. Ọ̀gá mi kì í ka ohun tí mo bá kọ. Ó ní kí ni obìnrin mọ̀ nínú ìṣirò. Yóò kàn fọwọ́ sí i.

Ọ̀dítọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wa wò wá kọ̀wé sí wa: ìwé wa ní a ti san owó kan sí bánkì, oṣù kẹrin rèé, bánkì ò rí i. Kí ló dé?

Ọ̀gá ní kí n fèsì pé owó náà ṣì wà lọ́nà, pé kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń dá ọkọ̀ dúró ní bodè. Bí ọ̀dítọ̀ bá tún béèrè, kí n ní èmi ni mo ṣàṣìṣe.

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Mo kọ ọ́ pé: "Ọ̀gá fúnra wọn ló gbé owó náà jáde pé àwọn ń lọ san án sí bánkì, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n buwọ́ lù nìyí. Wọn ò mú tẹ́là, ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí bánkì lù ní òǹtẹ̀, padà. Bánkì kọjú sí ọ́fíìsì wa. Kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù láàárín wa."

Ọ̀gá ń jẹ gúgúrú lọ́wọ́ tó fi fọwọ́ sí i, kò wò ó.

Mo kúnlẹ̀ gbà á. Mi ò kúnlẹ̀ fún un tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ rí.