Ìwé Owó Yunifọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Fóònù Kọ

Ẹni tó bá ti ránṣọ pẹ́ bíi tèmi mọ̀ pé àpapọ̀ owó la máa ń dá lé oníbàárà. "Gbogbo ẹ̀, iye báyìí ni." Òun náà á ní kí n gba iye báyìí, a ó jọ fà á, a ó sì parí ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dá ṣọ́ọ̀bù mi ṣe ní Ìkọ̀tún, títí ilé ìwé kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá fi ní àwọn fẹ́ rán àádọ́ta yunifọ́ọ̀mù. Aṣọ wà lọ́dọ̀ wọn. Owó iṣẹ́ ló kù.

Iṣẹ́ tó lè gbé mi dé Kérésì nìyẹn. Ṣùgbọ́n akápò wọn, ọmọ Èkìtì kan tó níwà, ní ẹnu lásán ò tó. "Mummy, ẹ fi ínfọ́ìsì, ìwé owó iṣẹ́ yín, ránṣẹ́ kó tó dìrọ̀lẹ́. Àwọn télọ̀ Dọ̀pẹ̀mú ti fi tiwọn ránṣẹ́. Madam tó nilé ìwé ló máa mú ọ̀kan."

Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń fi fóònù kọ owó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, bá mi gbé áàpù tó ń lò, tó máa ń ṣe ínfọ́ìsì, sórí fóònù mi. Mo kọ orúkọ ilé ìwé, mo kọ yunifọ́ọ̀mù, mo kọ àádọ́ta. Ó béèrè iye owó. Èmi náà kọ gbogbo owó tí mo ní lọ́kàn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, mo sì fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù. Mi ò wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Kò pẹ́ ni akápò pè. "Mummy, mílíọ̀nù mẹ́wàá! Ṣé góòlù lẹ máa fi rán an ni, àbí ẹ fẹ́ ra ilé ìwé?"

Onídìrí gba fóònù wò, ó rẹ́rìn-ín títí kóòmù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, iye ẹyọ kan ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀! Áàpù fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ di àádọ́ta. Ẹ gbé e wá kí n tún un ṣe."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe."

Mo padà sórí ìlà náà, mo pa owó yẹn rẹ́, mo kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Àpapọ̀ balẹ̀ síbi tí mo fẹ́. Bí mo ṣe wá ń ro owó ẹyọ kan ni ojú mi là: ta ló ń ra bọ́tìnnì? Ta ló ń ra òwú? Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, èmi náà ni mo ń fi jìn wọ́n ṣá! Mo fi ìlà kejì kún un: bọ́tìnnì àti òwú, àádọ́ta, ọ̀ọ́dúnrún náírà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó ròkè ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wo ìsàlẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ránṣẹ́.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí akápò tún fi pè. "Mummy, ẹ wá kó aṣọ. Ti Dọ̀pẹ̀mú fi díẹ̀ dín sí tiyín, ṣùgbọ́n iye kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Madam ní tiyín lòun ti rí ohun tóun ń sanwó fún."

Wọ́n san ìdajì síwájú. Bí àlàáàtì báńkì ṣe wọlé, mo kọ ọ́ sínú áàpù, ó yọ ọ́ kúrò, ó sì fi ìyókù hàn mí.

Onídìrí yọjú. "Màmá, ẹ ti di ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn o!"

"Ìwọ náà rí i? Nọ́ńbà kìíní ni áàpù kọ sórí ínfọ́ìsì yìí. Ìyẹn ni pé ìkejì ń bọ̀."