Sífíì Tó Wà Lára Ògiri Bàbá Kọ̀ǹpútà

Pákó ni wọ́n fi la ìsọ̀ tèmi àti ti Bàbá Kọ̀ǹpútà láàárín, pákó náà kò sì nípọn. Bí ó bá sín lọ́dọ̀ tirẹ̀, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tèmi. Aṣọ ni mò ń rán, ìwé ni òun ń tẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, ẹ̀rọ mi àti ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ jù àwa méjèèjì lọ. Bí mo bá bi í pé ṣé ó jí ire, á ní, "A dúpẹ́." Ó tán nìyẹn. Kí n tún máa fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà bí ẹni ń fa òwú lójú abẹ́rẹ́? Mo fi í sílẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni oníbàárà rẹ̀ jù. Sífíì ni wọ́n ń wá ṣe, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ irú ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun ti ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì ṣiṣẹ́ gbowó rí, kí ni yóò kọ síbẹ̀? Ìdí nìyí tí Bàbá fi lẹ àpẹẹrẹ kan mọ́ ògiri, tó fi ike bò ó kí eruku má bàa bà á jẹ́. Sífíì ọmọ rẹ̀ gan-an ni, èyí tí ó fi wá iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ojú ìwé kan péré ni, ó mọ́ tónítóní. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wà lókè, ọ̀rọ̀ ṣókí nípa irú ẹni tó jẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilé-ìwé tó lọ, ipò tó dì mú níbẹ̀, iṣẹ́ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣe láìgbowó, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti àwọn tó lè jẹ́rìí sí i. Ọmọ náà jẹ́ olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́. Ó darí ẹgbẹ́ tó ń ṣe àríyànjiyàn, ó sì máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí èèyàn fẹ́ràn, "ìrìn àjò" ló wà níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti wọ́ wá nìyí. Oníbàárà á wọlé, á nàka sí ògiri, á ní, "Bàbá, irú ìyẹn ni mo fẹ́." Bàbá á sì tẹ irú ìyẹn gan-an fún un. Á pààrọ̀ orúkọ, á pààrọ̀ ilé-ìwé àti nọ́ńbà fóònù, ìyókù á dúró bó ṣe wà. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa kà á sí ara rẹ̀ létí: olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ mọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ rẹ̀ kì í pè é àfi nígbà tí oṣù bá parí, bó bá sì pè, wọn kì í sọ ju ṣé ara yá àti ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ìlà wọ̀nyẹn nìkan ni ọmọ rẹ̀ ṣẹ́ kù sí nínú ìsọ̀ náà. Ó dá wà gan-an, ó sì ń dùn mí.

Àga kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tirẹ̀, èyí tí ọmọ náà máa ń jókòó sí kó tó lọ. Kò sí oníbàárà tó ń jókòó sí i, ìdúró ni gbogbo wọn ń wà. Èmi náà fẹ́ jókòó sí i lọ́jọ́ kan, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ àga yẹn dára ju ẹsẹ̀ tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wọlé wá, tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé. Ilé ìwòsàn ojú tó wà lójú títì ń wá ẹni tí yóò máa gba àwọn aláìsàn wọlé níbi tábìlì iwájú, ó sì fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó nàka sí ògiri bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Bàbá tẹ̀ ẹ́ fún un, ó lọ.

Kò pẹ́ tó fi padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bàbá, wọ́n pè mí wọlé. Ìyá tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀ kó sífíì bíi mélòó kan sílẹ̀ níwájú mi. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa. Gbogbo wa la jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wa la lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn arúgbó náà. Mi ò rí nǹkan sọ."

Mo dá ẹ̀rọ mi dúró.

"Kí ni wọ́n wá sọ?" Èmi ni mo bèèrè, láti ẹ̀yìn pákó.

"Wọ́n ní ìsọ̀ kan náà ni gbogbo wa ti wá, ó hàn. Wọ́n ní bí mo bá ní tèmi, kí n mú un wá kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lọ́la. Bí mi ò bá ní, kí n má wulẹ̀ padà wá." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bàbá, mi ò ní nǹkan kan."

Inú bí mi sí Bàbá lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo ti ń ṣètò èébú sílẹ̀ lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ tí ó wọ́ àga. Mo yọjú lójú ihò pákó. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára ló fà síta.

"Jókòó," ó ní. "Kí ni wọ́n fi ọ́ jẹ nílé-ìwé?"

"Wọn ò fi mí jẹ nǹkan kan, Bàbá. Agogo lásán ni mo máa ń lù."

"Agogo ilé-ìwé? Lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ti àárọ̀, ti ìsinmi, ti ìparí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù á wà ní kíláàsì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, èmi nìkan á jáde lọ síbi agogo. Ó ti mọ́ mi lára."

"Bó o bá pẹ́, ta ló ń bá ọ lù ú?"

"Mi ò pẹ́ rí."

"Ẹ gbọ́ ná!" Mo pariwo láti ọ̀dọ̀ mi. "Gbogbo ilé-ìwé ń wo ọwọ́ rẹ kí wọ́n tó dìde, o ní lásán!"

"Aránṣọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́ra," Bàbá ní. Ṣùgbọ́n ó ti ń tẹ̀ ẹ́. "Bó o bá kúrò nílé-ìwé ńkọ́? Ibo lò ń lọ tí ẹnikẹ́ni ò rán ọ?"

Ó lọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹnu díẹ̀ kó tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wọn, ó máa ń lọ pín nọ́ńbà fún àwọn ìyá, á tò wọ́n, á kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, á gbé ọmọ tó bá ń ké. Bí ìyá àgbà bá ti jáde, ilé wọn máa ń dákẹ́ jù. Ariwo àwọn ọmọ yẹn ló ń fà á lọ síbẹ̀.

"Iṣẹ́ nìyẹn," Bàbá ní. "Wọn ò sanwó ni, iṣẹ́ ni. Kí lo rò pé wọ́n ń ṣe níbi tábìlì iwájú?"

Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí. Lábẹ́ ipò tó dì mú: olùtọ́jú àkókò ilé-ìwé, ó lu agogo lójoojúmọ́, kò sì pẹ́ dé rí. Lábẹ́ iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn kékeré náà, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, àti ohun tó ń ṣe gan-an. Ọ̀rọ̀ ṣókí tó wà lókè, ìgbẹ̀yìn ni Bàbá kọ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ kọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ń wá: ẹni tí kì í pẹ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù gba èrò. Ọmọ náà fẹ́ kí ó kọ pé òun mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lò dáadáa?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ náà la ó kọ."

Nígbà tó kan àwọn tí yóò jẹ́rìí, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ àgbà. Bàbá ní rárá, wọn kì í fi ẹbí ṣe ẹlẹ́rìí. Olùkọ́ tó fi agogo lé e lọ́wọ́ àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà ló yẹ, kó sì kọ́kọ́ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kí òun fi orúkọ wọn sí i. Ọmọ náà sáré lọ bi wọ́n, ó padà wá, wọ́n ti gbà.

Ó wá ku ìlà ìsàlẹ̀. Ọwọ́ Bàbá dúró.

"Ká fi ìrìn àjò sí i?"

"Bàbá, mi ò dé ibì kankan rí."

"Kí lo wá fẹ́ràn?"

"Mo fẹ́ràn kí n máa gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọmọ ọwọ́ yẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ìlà yẹn kò pọn dandan nínú sífíì, ó fò ó, ó tẹ ìwé náà jáde. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Mo yọjú. Ó dúró níwájú ògiri, ó ń ka sífíì ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Nígbà tó ṣe, ó yọ ọ́. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ara ògiri yòókù lọ.

Ọmọ náà rí iṣẹ́ náà gbà. Ó wá dúpẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní ọ̀rọ̀ agogo ni ìyá yẹn bi òun jù, òun sì dáhùn títí ó fi ní ó tó. Lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́ púpọ̀. Iṣẹ́ ti gbà á. Ìsọ̀ Bàbá tún dákẹ́, àga náà sì padà sí àyè rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó bá wọlé á wo ògiri, wọn ò ní rí nǹkan kan, Bàbá á sì ní kí wọ́n jókòó kí òun bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí oṣù parí, ọmọ rẹ̀ pè. Etí Bàbá ò gbọ́ dáadáa mọ́, nítorí náà ńṣe ló máa ń mú kí fóònù náà sọ̀rọ̀ síta. Ṣé ara yá? Ara yá. Iṣẹ́ ńkọ́? Ó ń lọ. Mo ti mọ ibi tí yóò parí sí, mo ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ. Àfi bí Bàbá ṣe ní:

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni nǹkan tó o fẹ́ràn?"

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo kọ ìrìn àjò sínú sífíì rẹ nígbà yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo fi òwú sílẹ̀.

"Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán kí n tó dé láti ilé-ìwé, Bàbá," ọmọ náà ní. "Mo kàn fẹ́ràn kí n máa jókòó tì yín bí ẹ bá ń tẹ̀wé ni. Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n lọ ni."

Mo mú ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ mi kí n lè gbọ́ èsì rẹ̀.

"Àga rẹ wà níbí," Bàbá ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dára."