Àkọlé Nìkan Ló Dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀rọ

Èmi ò ní sùúrù. Gbogbo ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ ní Sango-Ọ̀tà ló mọ̀. Súpáfáísọ̀ ni mí níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Àṣà wa ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù àárọ̀ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, a ó kọ́kọ́ dúró ká sọ̀rọ̀ lórí ewu iṣẹ́ ọjọ́ náà. Yorùbá ni mo fi ń bá wọn sọ ọ́, kó lè yé tolórí tẹlẹ́mù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọ̀gá wa fi ìwé kan ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù mi, ó ní kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó fọ táǹkì. Háà, ìwé ọ̀hún gùn! Òyìnbó lọ́tùn-ún, òyìnbó lósì. Ni mo bá sáré kọ̀pí ohun tí ọwọ́ mi bà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù mi, mo ní kó gé ìwé náà kúrú fún mi ní Yorùbá.

Ìdáhùn tó fún mi nìyí: “Àkọlé nìkan ló dé ọ̀dọ̀ mi: ‘Àtúnṣe sí Ìlànà Fífọ Táǹkì’. Mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ fífọ táǹkì ni, ó sì jọ pé nǹkan kan ti yí padà. Ohun tó yí padà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé náà gan-an ránṣẹ́.”

Inú bí mi. Mo pòṣé ṣàràrà. “Ìwọ tí wọ́n ní o mọ gbogbo nǹkan!”

Súpáfáísọ̀ ṣíìfù alẹ́, tó ń múra ilé, tí oorun ti kún ojú ẹ̀, yọjú wo fóònù mi. “Àǹtí, ẹ sọ fún un pé kó ṣáà gbìyànjú. Ṣebí àkọlé ti sọ gbogbo ẹ̀ tán.”

Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní irú ìwé báyìí sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa pípa iná, wíwọ ìbọ̀wọ́ àti fífi omi ṣan táǹkì dáadáa. Ó wá fi kún un pé: “Ohun tí irú ẹ̀ sábà máa ń ní nìyí, kì í ṣe ohun tó wà nínú tiyín. Ẹ má sọ fáwọn òṣìṣẹ́ pé ìwé yín ló sọ ọ́.”

Arákùnrin yìí ti bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i? Ohun tá a ti ń ṣe náà ni!” Kí n tó la ẹnu, ó ti jáde lọ sọ fún Alfa pé òun ti ka ìwé náà, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Alfa ló máa ń fọ táǹkì wa. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bó ṣe máa ń ṣe é ni pé á da ọṣẹ sínú táǹkì, á da bílíìṣì lé e kí òórùn lè kúrò, lẹ́yìn náà á wọnú ẹ̀ lọ, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Àwa náà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó, mo fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dáhùn tààrà: ọṣẹ tuntun tí wọ́n kó dé jẹ́ ásíìdì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọn, torí èéfín tó máa ti ibẹ̀ jáde lè pa èèyàn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wọnú táǹkì mọ́. Ó ní ojú ìwé kejì ló wà. Mo ṣí ojú ìwé kejì fúnra mi. Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà.

Yéè! Mi ò mọ ìgbà tí mo ju àga nù. Mò ń sáré, mò ń pariwo, “Alfa! Alfa o! Má dà á o!”

Ọṣẹ tuntun náà ti wà nínú táǹkì. Alfa dúró lórí àkàbà, kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti ṣí ìdérí ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ni mo ń jù. Ó rọra gbé kẹ́ẹ̀gì náà sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí èémí mi wálẹ̀, mo ka ojú ìwé náà fún gbogbo wọn. Alfa yíjú sí súpáfáísọ̀ alẹ́. “Ọ̀gá, ẹ ní ẹ ti kà á.”

“Àkọlé ni mo kà,” ni arákùnrin yẹn sọ.

Alfa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yọ fóònù jáde lápò, ó pe ilé. Mo rò pé ó máa ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀ ò ju pé, “Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti jí?”